Níbo Ni Oníbàárà Wà? Ìdí Tí Owó Oṣooṣù Kan Náà Fi Ń Gba TVA Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Bí ọkọ̀ akẹ́rù bá ti Gánà bọ̀, tí ó fẹ́ gba ibodè Áfíláò wọ Lomé, àwọn asọ́bodè á dá a dúró. Wọ́n á wo ẹrù, wọ́n á ṣírò iye rẹ̀, wọ́n á sì gba owó tí òfin ní kí wọ́n gbà kí ọkọ̀ náà tó kọjá. Bákan náà ni ó rí ní èbúté Lomé. Ṣùgbọ́n ọjà kan wà lóde òní tí kì í gba ibodè kọjá, tí asọ́bodè kankan kò sì lè fojú rí. Ẹ̀kọ́ tí à ń kọ́ lórí fóònù wà nínú irú ọjà bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni fíìmù tí à ń wò, orin tí à ń gbọ́, àti àyè tí à ń kó àwòrán pamọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. A kì í rà á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Oṣooṣù ni à ń san owó rẹ̀, bí ẹni ń san owó ilé. Àsansílẹ̀ ni a ó máa pe irú owó bẹ́ẹ̀ níhìn-ín.

Ẹ jẹ́ kí a wo ẹnì kan tí ó ń ta irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láti Lomé. Àwọn kan lára àwọn oníbàárà rẹ̀ wà ní Lomé, àwọn kan wà ní Èkó, àwọn mìíràn sì wà ní Párísì nílẹ̀ Faransé. Ẹ̀kọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń rà. Orílẹ̀-èdè wo ni ó ni owó orí tí ó wà lórí rẹ̀? Ṣé Tógò ni, níbi tí ẹni tí ń tà á wà, tàbí ibi tí ẹni tí ń rà á wà? Ẹni tí kò bá mọ ìdáhùn ìbéèrè yìí lè tajà fún ọdún kan gbáko, kí ó sì rí i nígbẹ̀yìn pé èrè òun ti wọ àpò ìjọba méjì.

Ìlà mẹ́ta lórí ìwé owó

Owó orí tí à ń sọ ni èyí tí wọ́n ń pè ní TVA ní Tógò. Àwọn ará Nàìjíríà ń pè é ní VAT. Owó tí òfin fi kún iye ohun tí a rà ni. Oníṣòwò ni ó ń gbà á lọ́wọ́ oníbàárà, ṣùgbọ́n owó náà kì í ṣe tirẹ̀. Ó kàn ń bá ìjọba gbà á ni, ó sì gbọ́dọ̀ fi í jíṣẹ́. Ní Tógò, OTR ni ilé iṣẹ́ ìjọba tí ó ń gba owó náà. Kì í ṣe gbogbo oníṣòwò ni ó ń gba TVA. Òfin ti dá iye ọjà kan tí ènìyàn gbọ́dọ̀ tà lọ́dún kí ó tó kan án. Ẹni tí ọjà rẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀ kò gbọ́dọ̀ kọ TVA sórí ìwé owó rẹ̀. Ẹni tí àpẹẹrẹ wa dá lé lórí ti kọjá iye yẹn.

Lọ́dún 1998, àwọn orílẹ̀-èdè UEMOA fọwọ́ sí ìlànà kan lórí TVA. Ìlànà náà fi àyè sílẹ̀ fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan láti mú iye kan láàárín 15 àti 20 nínú ọgọ́rùn-ún. Tógò mú 18. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé, lórí ọgọ́rùn-ún fáráńkì kọ̀ọ̀kan, fáráńkì 18 ni a ó fi kún un.

Lórí ìwé owó, èyí tí a máa ń rí ọ̀rọ̀ náà *Facture* lókè rẹ̀, ìlà mẹ́ta ni ó yẹ kí a wá. HT ni iye ọjà kí owó orí tó wọ inú rẹ̀. TVA ni owó orí fúnra rẹ̀. TTC ni àpapọ̀ méjèèjì, èyí tí oníbàárà máa san. Bí àsansílẹ̀ oṣù kan bá jẹ́ 5000 fáráńkì, ohun tí ẹni tí ó wà ní Lomé yóò rí nìyí:

```
HT         5000
TVA 18 %    900
TTC        5900
```

Àṣìṣe kan wà tí ó wọ́pọ̀ níhìn-ín. Bí a bá mọ TTC nìkan, tí a sì fẹ́ mọ TVA tí ó wà nínú rẹ̀, àwọn kan á wá ìdá 18 nínú 5900. Wọ́n á rí 1062, iye yẹn kò sì tọ̀nà. Orí HT ni wọ́n ti ka ìdá 18 náà, kì í ṣe orí TTC. Ohun tí ó yẹ ni kí a pín TTC sí ọ̀nà 1,18. Lórí ẹ̀rọ ìṣírò inú fóònù, ohun tí a ó tẹ̀ nìyí:

```
5900 / 1.18 = 5000
```

Ohun tí ó jáde ni HT. Bí a bá yọ ọ́ kúrò nínú 5900, a ó rí 900, èyí tí í ṣe TVA. Ẹ fi ìṣírò yìí sọ́kàn, nítorí pé a ó tún lò ó níwájú.

Ibi tí a ti lo ọjà ni ó ni owó orí

Ní ilẹ̀ Yúróòpù, ibi tí ẹni tí ń ta ọjà íńtánẹ́ẹ̀tì wà ni wọ́n kọ́kọ́ ń wò. Bí ilé iṣẹ́ kan bá fìdí kalẹ̀ sí Lúksẹ́mbọ̀ọ̀gì, tí ó sì ń tà fún ará Faransé, owó orí Lúksẹ́mbọ̀ọ̀gì ni ará Faransé náà máa ń san. Nígbà yẹn, iye ti Lúksẹ́mbọ̀ọ̀gì jẹ́ 15 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì kéré ju ti gbogbo àwọn orílẹ̀-èdè yòókù nínú Ìṣọ̀kan Yúróòpù lọ. Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá bí Amazon àti Skype ní ibùjókòó níbẹ̀. Faransé àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn wá rí i pé àwọn ará ìlú àwọn ni ń ra ọjà, àmọ́ orílẹ̀-èdè mìíràn ni ń kó owó orí rẹ̀. Nítorí náà, láti ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2015, wọ́n yí òfin padà. Láti ìgbà yẹn, ibi tí ẹni tí ń rà á ń gbé ni wọ́n ń wò.

Ọ̀rọ̀ yìí dé ilé ẹjọ́ ní Nàìjíríà pẹ̀lú. Ilé iṣẹ́ kan ní Èkó, Vodacom Business Nigeria, ń sanwó fún àyè lórí sátẹ́láìtì tí í ṣe ti ilé iṣẹ́ New Skies Satellites ti ilẹ̀ Nẹ́dálándì. Sátẹ́láìtì ni ẹ̀rọ tí wọ́n rán lọ sí òfuurufú, tí ó ń gba ọ̀rọ̀ láti ibì kan, tí ó sì ń fi ránṣẹ́ sí ibòmíràn. Ilé iṣẹ́ owó orí Nàìjíríà ní kí Vodacom san VAT lórí owó náà. Vodacom kọ̀. Ó ní ẹni tí ó ni ẹ̀rọ náà kò sí ní Nàìjíríà, ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀ wà lójú òfuurufú, kò sì sí VAT kankan lórí ìwé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí òun.

Ẹjọ́ náà kọ́kọ́ lọ sí iwájú ìgbìmọ̀ tí ń gbọ́ ẹjọ́ owó orí, ó sì ti ibẹ̀ dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Ìjọba Àpapọ̀. Ní oṣù kẹfà ọdún 2019, Ilé Ẹjọ́ Kò-tẹ́-mi-lọ́rùn ní Èkó dá Vodacom lẹ́bi. Ohun tí wọ́n dì mú kò le. Níbi yòówù kí ẹ̀rọ náà wà, Nàìjíríà ni Vodacom ti ń lo ohun tí ó rà. Nítorí náà Nàìjíríà ni ó ni owó orí, ẹni tí ó ra ọjà náà ni yóò sì san án bí ẹni tí ó tà á kò bá kọ ọ́ sórí ìwé.

Lẹ́yìn ìdájọ́ yìí, Nàìjíríà kọ ọ́ sínú òfin, ó sì gbé VAT kúrò ní 5 lọ sí 7,5 nínú ọgọ́rùn-ún ní oṣù kejì ọdún 2020. Láti oṣù kìn-ín-ní ọdún 2022, àwọn ilé iṣẹ́ òkèèrè tí ń tajà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn ará Nàìjíríà ti ń gba VAT náà fúnra wọn. Ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù yẹn gan-an ni Facebook bẹ̀rẹ̀ sí í fi 7,5 kún owó ìpolówó àwọn oníbàárà rẹ̀ ní Nàìjíríà.

Ìwé owó mẹ́ta láti Lomé

Ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ ẹni wa tí ń ta ẹ̀kọ́ ní Lomé. HT rẹ̀ jẹ́ 5000 fáráńkì fún gbogbo ènìyàn. A ti rí ìwé owó ará Lomé: TVA 900, TTC 5900. Ọwọ́ OTR ni 900 náà ń lọ.

Ará Èkó kò lo ẹ̀kọ́ náà ní Tógò. Nítorí náà kò yẹ kí TVA Tógò wà lórí ìwé rẹ̀. Ti Nàìjíríà ni yóò wà níbẹ̀: ìdá 7,5 nínú 5000, tí í ṣe 375. TTC rẹ̀ jẹ́ 5375. Ọwọ́ ìjọba Nàìjíríà ni 375 náà ń lọ, lẹ́yìn tí ẹni tí ń tajà bá ti forúkọ sílẹ̀ níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òfin ibẹ̀ ti wí.

Ti ará Párísì, iye Faransé ni 20 nínú ọgọ́rùn-ún. TVA rẹ̀ jẹ́ 1000, TTC rẹ̀ sì jẹ́ 6000. Ẹni tí ó wà ní òde Yúróòpù, tí ó ń tajà fún àwọn ènìyàn lásán níbẹ̀, kò nílò láti forúkọ sílẹ̀ ní orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan nínú mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ó lè yan ọ̀kan ṣoṣo, kí ó máa jíṣẹ́ owó orí gbogbo wọn níbẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta mẹ́ta. *Guichet unique* ni wọ́n ń pe ètò yìí ní èdè Faransé. Ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ ka iye tí orílẹ̀-èdè oníbàárà kọ̀ọ̀kan ń gbà. Láàárín wọn, ti Lúksẹ́mbọ̀ọ̀gì ni ó kéré jù, 17 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti Họ́ńgárì ni ó pọ̀ jù, 27.

Bí oníbàárà Párísì bá jẹ́ ilé iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yí padà. Ilé iṣẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ fún TVA ní Faransé ní nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú FR, tí àmì mọ́kànlá sì tẹ̀ lé e. Ẹni tí ń tajà lè yẹ nọ́ńbà náà wò lórí ojú ìwé tí a ń pè ní VIES, tí í ṣe ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, kí ó mọ̀ bóyá òótọ́ ni. Bí ó bá jẹ́ òótọ́, kò ní gba TVA kankan. HT jẹ́ 5000, TTC náà sì jẹ́ 5000. Ọ̀rọ̀ kan ni yóò kọ sí ìsàlẹ̀: *Autoliquidation*. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ra ọjà ni yóò ṣírò owó orí náà fún ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀. Ohun kan náà ni ilé ẹjọ́ ní kí Vodacom ṣe ní Èkó.

Báwo ni a ṣe ń mọ ibi tí ènìyàn wà?

Ẹni tí ó ra iṣu ní ọjà Asígàmé, a rí i lójúkojú. Ẹni tí ó ra ẹ̀kọ́ lórí fóònù, a kò rí i. Òfin Yúróòpù ní kí ẹni tí ń tajà wá ẹ̀rí méjì tí kò ta ko ara wọn. Ẹ̀rí mẹ́rin ni ó sábà máa ń wà. Èkíní ni àdírẹ́sì tí oníbàárà kọ sílẹ̀. Èkejì ni orílẹ̀-èdè tí báńkì rẹ̀ wà. Ẹ̀kẹta ni nọ́ńbà tí ó bẹ̀rẹ̀ fóònù rẹ̀: 228 jẹ́ ti Tógò, 234 jẹ́ ti Nàìjíríà, 33 sì jẹ́ ti Faransé. Ẹ̀kẹrin ni nọ́ńbà tí íńtánẹ́ẹ̀tì fi ń mọ ibi tí ẹ̀rọ wà, èyí tí wọ́n ń pè ní IP.

Ẹ jẹ́ kí a ní ìyá kan tí ń ta aṣọ ní Lomé rin ìrìn àjò ọjọ́ mẹ́wàá lọ sí Párísì. Ọjọ́ tí àsansílẹ̀ rẹ̀ pé bọ́ sí àárín ìrìn àjò náà. IP sọ pé Faransé ni ó wà. Ṣùgbọ́n àdírẹ́sì rẹ̀ jẹ́ ti Lomé, báńkì rẹ̀ jẹ́ ti Lomé, nọ́ńbà fóònù rẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 228. Ẹ̀rí mẹ́ta sọ Tógò, ọ̀kan ṣoṣo ni ó sọ Faransé. Ibi tí ènìyàn fìdí kalẹ̀ sí ni òfin ń wò, kì í ṣe ibi tí ó sùn ní alẹ́ ọjọ́ kan. TVA Tógò, 18, ni yóò san. Ẹni tí ń tajà gbọ́dọ̀ tọ́jú àwọn ẹ̀rí náà pẹ̀lú ìwé owó, nítorí pé òun ni wọ́n yóò bi nígbà tí àwọn ayẹ̀wé bá dé.

Ibi tí èrè ti ń jò

Ọ̀pọ̀ oníṣòwò kì í fẹ́ kọ iye mẹ́ta. Wọ́n á kọ iye kan ṣoṣo sí ojú ọjà: 5900 fáráńkì fún gbogbo ènìyàn, owó orí ti wà nínú rẹ̀. Ó rọrùn láti kà. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a lo ìṣírò tí a kọ́ lẹ́ẹ̀kan.

```
Lomé    5900 / 1.18  = 5000
Èkó     5900 / 1.075 = 5488
Párísì  5900 / 1.20  = 4917
```

Lórí ará Èkó, ẹni tí ń tajà jèrè díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ọjà rẹ̀ wọ́n ju bí ó ti yẹ lọ níbẹ̀. Lórí ará Párísì, ó pàdánù fáráńkì 83 lóṣù. Iye yẹn kéré lójú. Ṣùgbọ́n bí ó bá ní igba oníbàárà ní Párísì, lópin ọdún, ohun tí ó sọnù yóò tó 200.000 fáráńkì. Kò sí ẹni tí ó jí i. Inú iye ọjà rẹ̀ ni ó gbà jáde.

Èyí tí ó burú jù ni kí ó gba TVA Tógò lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn, kí ó sì kó gbogbo rẹ̀ fún OTR. Lórí 5900 tí ará Párísì san, ó ti fún OTR ní 900. Bí Faransé bá dé lọ́jọ́ iwájú láti béèrè tiwọn, 983 ni wọn yóò ka nínú 5900 kan náà. Ohun tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ jẹ́ 4017 dípò 5000. Oníbàárà kò ní padà wá san ìyókù.

Bí ènìyàn ṣe lè tètè mọ̀ kò le. Kí ó to gbogbo ìwé owó oṣù kan jọ gẹ́gẹ́ bí orílẹ̀-èdè oníbàárà, kí ó sì wo ìlà TVA. Bí iye kan náà bá wà lórí gbogbo wọn, bí àpẹẹrẹ 18 fún Lomé, 18 fún Èkó, 18 fún Párísì, ẹ̀rọ tí ń tẹ ìwé owó náà kò wo ibi tí oníbàárà wà.

Bí ẹ̀yin ni ẹ rà á ńkọ́?

Ẹ̀yin òǹkàwé tí ẹ ń san àsansílẹ̀ láti Lomé, ẹ ṣí ìwé owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ sì wo iye tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ TVA. Bí ẹ bá rí 20 níbẹ̀, ẹ wo àdírẹ́sì yín, èyí tí wọ́n kọ *Adresse de facturation* sí lórí. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ti Faransé. Irú èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí ẹni tí ó ṣí àkáǹtì rẹ̀ nígbà tí ó ń gbé ní Párísì, tí ó sì ti padà wálé láti ọdún pípẹ́. Ẹ̀rọ kò mọ̀ pé ó ti padà. Ó ṣì ń san owó orí orílẹ̀-èdè tí kò gbé mọ́.

Kí ó yí àdírẹ́sì náà padà sí ti Lomé, kí ó sì fi báńkì ibí rọ́pò ti ọ̀hún bí ó bá lè ṣe é, kí àwọn ẹ̀rí má baà ta ko ara wọn. Lẹ́yìn náà, kí ó wo ìwé owó oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Bí 20 bá ṣì wà níbẹ̀, kí ó kọ̀wé sí ẹni tí ń tajà.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tí ó ní ilé iṣẹ́ ju ẹlòmíràn lọ. Ilé iṣẹ́ tí ó forúkọ sílẹ̀ fún TVA ní Tógò lè yọ TVA tí ó san lórí ohun tí ó rà kúrò nínú èyí tí ó yẹ kí ó kó fún OTR. Ṣùgbọ́n TVA Tógò nìkan ni ó lè yọ. OTR kò lè dá owó tí ó wọ àpò ìjọba Faransé padà fún un. Lórí HT tí ó jẹ́ 5000, 1000 ni ó ń lọ lóṣooṣù láìsí ìpadàbọ̀, nítorí àdírẹ́sì àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò ṣí wò.